Ohun Tí Onígò Nílò Láti Mọ̀ Kí Àwẹ̀ Tó Dé

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọjọ́ Sátidé, ni Àwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ilé iṣẹ́ kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ṣe yógọ́ọ̀tì àti sóbò, àárín oṣù Kejìlá tó ṣáájú ni Àwẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa, torí ìgbà náà ni mo fi ìwé ìfojúdíwọ̀n iye ìgò tí a máa lò ránṣẹ́ sí Àlájì tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ìgò ike fún wa. Iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé gbogbo ohun tí a fi ń ṣe ọjà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lò ó. Bí ṣúgà bá tán, a lè sáré lọ rà á lọ́jà Bódìjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìṣápá bá tán, ẹnìkan wà tí a máa pè. Bí ìgò bá tán ńkọ́? Kò sí ibi tí èèyàn ti lè sáré rà ìgò tó jẹ́ ìrísí tiwa gan-an. A máa jókòó ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìgò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Ọ̀tà ni ọgbà ẹ̀rọ Àlájì wà. Kì í ṣe àwọn ló ń yọ́ ike. Wọ́n ń ra pirifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Pirifọ́ọ̀mù ni ọ̀pá ike kékeré tó nípọn, tó gùn tó ìka ọwọ́, tí ọrùn ìgò àti ibi tí ìdérí máa gbà ti wà lára rẹ̀ tán. Wọ́n á tò ó gba inú ààrò iná kọjá títí á fi rọ̀, wọ́n á gbé e sínú mọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin á nà án, atẹ́gùn líle á sì fẹ́ ẹ títí á fi lẹ̀ mọ́ ara mọ́ọ̀dù yẹn. Ìgò dé nìyẹn. Yógọ́ọ̀tì wa ń lọ sínú ìgò sẹ̀ǹtílítà 35, sóbò ń lọ sínú ti sẹ̀ǹtílítà 50. Ìrísí wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n pirifọ́ọ̀mù kan náà, oníwọ̀n gíráàmù 22, ni wọ́n fi ń fẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nǹkan méjì ló ń da Àlájì láàmú, wọn kò sì jọra. Èkíní ni pirifọ́ọ̀mù: láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sanwó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ó tó dé. Ìdérí aláwọ̀ pupa tí a ń lò fún sóbò tún burú jù, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni tirẹ̀. Èkejì ni wákàtí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ní tó lè fẹ́ ìgò tiwa, àwọn olómi inú ike àti àwọn oníkunu sì ń lo ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa. Èèyàn lè ra pirifọ́ọ̀mù ní oṣù méjì ṣáájú kó sì kó o sí igun ilé kan, kò ní gba àyè. Wákàtí ẹ̀rọ kò ṣeé kó pamọ́, àfi tí a bá sọ ọ́ di ìgò. Bẹ́ẹ̀, ìgò òfìfo ni ẹrù tó ń gba àyè jù láyé yìí, atẹ́gùn lásán ni èèyàn ń kó sí sítọ́ọ̀.

Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ wa tó ń fi ìfojúdíwọ̀n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pèsè nǹkan fún wa, nọ́ńbà kan ṣoṣo la máa ń kọ, bíi pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni náà ń bi wá. "Àlájì, a máa nílò ìgò 88,000 nígbà Àwẹ̀." Kí ni Àlájì fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ṣé kí wọ́n lọ ra pirifọ́ọ̀mù ni? Ṣé kí wọ́n sọ fún olómi kan pé kó máa lọ? Ìgbà wo ni wọ́n máa fẹ́ ẹ, ta ni yóò sì ru ẹrù náà bí ọjà bá kùtà?

Ẹ wo bí ìṣirò Àwẹ̀ 2025 ṣe rí. Lọ́sẹ̀ tí kò sí ohun pàtàkì, ìgò kékeré 8,000 àti ńlá 4,000 là ń lò, 12,000 lápapọ̀. Nínú Àwẹ̀, àwọn èèyàn ń ra ohun tútù tí wọ́n máa fi ṣínu, a sì gbé e lé 22,000 lọ́sẹ̀: kékeré 12,000, ńlá 10,000. Ní ti ẹ̀rọ, orí ìwé ni yóò ti sọ fún ẹ pé ìgò 900 ni òun ń fẹ́ ní wákàtí kan. Mo ti jókòó tì í rí. Iná á lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ààrò á ti tutù díẹ̀, ìgò tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹ́ lẹ́yìn náà á funfun lọ́rùn bí ẹni da pàúdà sí i, wọ́n á kó o dànù. Ìgò 700 ló ń jáde ní tòótọ́. Ọjọ́ méjì tí wọ́n yà fún wa jẹ́ wákàtí 20, ṣùgbọ́n wákàtí méjì ń lọ sí pípààrọ̀ mọ́ọ̀dù láti kékeré sí ńlá. Ó ku 18. Ẹ sọ ọ́ di ìgò: 12,600. Ìyẹn tó wa lọ́sẹ̀ lásán, ó fi 600 lé e. Nínú Àwẹ̀, 9,400 ni kò ní sí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni àǹfààní fífi ìwé ránṣẹ́ ní kùtùkùtù wà. Bí Àlájì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Àwẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n bẹ̀ wá. Oṣù Kẹta ni ooru ń mú jù, àwọn olómi náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti sanwó. Ṣùgbọ́n torí pé ìwé ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù Kejìlá, èmi àti wọn jókòó, a sì rí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí a má pààrọ̀ mọ́ọ̀dù láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan fún kékeré nìkan, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e fún ńlá nìkan. Wákàtí méjì tí a rí gbà padà jẹ́ ìgò 1,400 lọ́sẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ tiwa ni pé kí irú ìgò tí wọn kò ní fẹ́ lọ́sẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ tó ohun tí a máa lò lọ́sẹ̀ náà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n tún máa fẹ́ ìgò wa lọ́jọ́ Àìkú. Tí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú Àwẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin inú rẹ̀, ohun tó kù lẹ́yìn tí a ti dín ìpààrọ̀ mọ́ọ̀dù kù jẹ́ ìgò 24,000, ìyẹn wákàtí bíi 35. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ó kọ́kọ́ wù mí kí a ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí Àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn mi balẹ̀. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ wa ló fi ọwọ́ wọn ilẹ̀ fún mi. Ìgò 100 ló ń wọ àpò kan. Bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ ṣáájú, àpò tó ń lọ bí 360 la máa kó jọ, ibi tí ṣúgà wà kò ní sí mọ́. Bí a bá ṣe ọjọ́ Àìkú méjì ṣáájú, méjì nínú Àwẹ̀, ibi tí ó máa pọ̀ dé ni àpò 220. Ìyẹn wọlé. Àlájì ní ti àwọn ò nira, pé àwọn mùsùlùmí inú ọmọ iṣẹ́ àwọn ló máa ṣe ti ọjọ́ Àìkú, kí àwọn kìrìsìtẹ́nì gba ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá fẹ́ lọ ṣínu. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ padà sí pirifọ́ọ̀mù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ìgò 140,000 la gbèrò, a sì fi bíi 4,000 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ìyẹn 144,000, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejì ni a fẹ́ kí wọ́n máa fẹ́ ẹ. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn: owó pirifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti dé Èkó ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ìdérí pupa: ó bọ́ sáàárín Kérésì àti ọdún tuntun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí ní ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi kúrò lọ́wọ́ mi ní àárín oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń bi mí pé báwo ni mo ṣe yan ọjọ́ tí mo fi ń fi ìfojúdíwọ̀n ránṣẹ́, èmi kọ́ ni mo yàn án, ìdérí pupa ni.

Níbí ni pirifọ́ọ̀mù kan náà fún ìgò méjì ti wá di ohun iyebíye. Ní oṣù Kejìlá, ta ló mọ̀ bóyá sóbò ni wọ́n máa mu jù ni tàbí yógọ́ọ̀tì? Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo lè sọ àpapọ̀ wọn láìṣe àṣìṣe púpọ̀, torí ẹni tí kò bá ra ọ̀kan máa ra ìkejì. Àlájì náà ò sì nílò ju àpapọ̀ yẹn lọ láti ra pirifọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú kí wọ́n tó fẹ́ ẹ ni wọ́n nílò láti mọ mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, níbi tó jìnnà, àpapọ̀ ni mo ń kọ. Níbi tó sún mọ́, mo ń kọ irú ìgò. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí n máa ti ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú pín ìgò kékeré sí ọ̀tọ̀ àti ńlá sí ọ̀tọ̀, kí n wá máa yí i padà ní gbogbo ọjọ́ Ajé bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: nígbà tí Àwẹ̀ dé, yógọ́ọ̀tì sá lọ 14,000 lọ́sẹ̀, sóbò rọ̀ sí 8,000. Àpapọ̀ kò yẹ̀. Mọ́ọ̀dù nìkan la yí ètò rẹ̀ padà, kò sì sí pirifọ́ọ̀mù kan tó ṣòfò. Ìdérí pupa nìkan ló ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́, òun la sì lò tán lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ wo bí apá kan nínú ìwé náà ṣe rí, èyí tí mo fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ní ìparí oṣù Kìíní:

Ẹ̀dà ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2025. Ó rọ́pò ti ọjọ́ 20.
Ọ̀sẹ̀ 3/2: kékeré 14,000. Ọ́dà ni.
Ọ̀sẹ̀ 10/2: ńlá 14,000, ọjọ́ Àìkú 16/2 ńlá 7,000. Ọ́dà ni.
Ọ̀sẹ̀ 17/2 dé 10/3: àpapọ̀ 77,000, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹ ra pirifọ́ọ̀mù rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ 17/3 lọ: 14,000 lọ́sẹ̀. Ẹ kàn máa wò ó.
Ohun tó yí padà: kò sí.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, "ọ́dà ni", "ẹ ra pirifọ́ọ̀mù rẹ̀", "ẹ kàn máa wò ó", ni mo kà sí pàtàkì ju nọ́ńbà lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a ò lè yí i padà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, a máa gbà á, a máa san án. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹfà, Àlájì lómìnira láti náwó lé pirifọ́ọ̀mù lórí ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá gbà á dín ju ìdá mẹ́wàá lọ, pirifọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù di tiwa, a máa san owó rẹ̀, a sì máa lò ó nígbà míì. Bí a bá fẹ́ ju ìdá mẹ́wàá lọ, Àlájì kò jẹ wá ní gbèsè, wọ́n á gbìyànjú ni. Ọ̀sẹ̀ keje sókè, kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Kó tó di pé a kọ èyí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìfojúdíwọ̀n oṣù mẹ́rin lọ bá wọn, Àlájì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà sórí tábìlì.

"Màdáámù, ìwé yín dára. Ṣùgbọ́n ìwé kì í san owó pirifọ́ọ̀mù."

"Àlájì, ẹ ṣáà mọ̀ pé a máa rà á."

"Ẹ máa rà á. Ṣé iye tí mo bá rà á lónìí náà ni wọ́n máa tà á fún mi lóṣù tó ń bọ̀?"

Wọn ò purọ́. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye pirifọ́ọ̀mù ń tẹ̀ lé dọ́là, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kì í sì í fi ọwọ́ sí iye kan ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ fún onígò pé kó ra ohun èlò sílẹ̀, tí kò fi owó tì í, ewu tirẹ̀ ló ń dì fún ẹlòmíì. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a máa san ìdajì owó pirifọ́ọ̀mù tó wà ní ìlà "ẹ ra á" sílẹ̀, iye rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn á sì dúró fún èyí tí a sanwó rẹ̀. Ọ̀gá wa kọ́kọ́ ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé owó wa ò gbọdọ̀ sùn sí Ọ̀tà. Mo fi hàn án pé owó kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé ó lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, iye tí a máa fi ra ìgò kò sì ní fò mọ́ wa lórí láàárín Àwẹ̀. Ó gbà, ó sì ń kùn títí di òní.

Ibo ni nọ́ńbà náà ti ń wá? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ti ṣubú. Àwọn tó ń tajà wa máa ń fún mi ní iye tí ọ̀gá ní kí wọ́n tà, torí òun ni wọ́n fi ń ṣírò àjẹmọ́nú wọn. Ìyẹn kò kan Àlájì. Ìgò tó jáde ní sítọ́ọ̀ wa lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kà, mo sì ń yọ ìgò tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa àti èyí tí Àlájì ti fẹ́ tí a ò tíì gbé kúrò. Bí a bá máa lo 22,000, tí 8,000 wà nílẹ̀, 14,000 ni ìwé máa gbé. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye ilé iṣẹ́ tó ń fi iye ọjà tí wọ́n fẹ́ tà ránṣẹ́ bó ṣe wà, tí wọ́n á wá máa sọ fún onígò pé "sítọ́ọ̀ wa ti kún, ẹ dúró ná" nígbà tó bá gbé e dé.

Kàlẹ́ńdà náà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwẹ̀ ń fi bíi ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá da nọ́ńbà oṣù Kẹta 2024 kọ sórí oṣù Kẹta 2025, ìgò rẹ̀ máa pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá, àárín Àwẹ̀ ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Mo ń to ọ̀sẹ̀ mi ní "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Àwẹ̀ tó dé", "ọ̀sẹ̀ kejì Àwẹ̀", bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi ọdún kan wé ọdún kejì. Síbẹ̀, 2024 fẹ́ tàn mí jẹ. Àjíǹde ọdún yẹn bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, inú Àwẹ̀ gan-an. Yógọ́ọ̀tì tó lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ti àwọn tó ń ṣínu ni àbí ti àwọn tó ń ṣọdún? Ní 2025, Àjíǹde di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìtúnu Àwẹ̀. Nítorí náà mo gé orí ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú ìṣirò Àwẹ̀, mo sì gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí oṣù Kẹrin.

Lẹ́yìn náà, ọ́dà tó ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àwẹ̀. Gbogbo olùtajà máa ń fẹ́ kún fìríìjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2025, 27,000 ni wọ́n béèrè lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń tajà wa yọ̀, wọ́n ní kí n yára sọ fún Àlájì pé 27,000 lọ́sẹ̀ la máa nílò títí Àwẹ̀ á fi parí. Mi ò yí ìwé padà. Ọjà tó wọ fìríìjì olùtajà kò tíì di ọjà tí ẹnikẹ́ni mu. Ọ́dà kejì wọn ló ń sọ òótọ́, èyí tí wọ́n fi ń dí àyè ohun tí wọ́n ti tà. Ó dé lọ́sẹ̀ kejì: 21,000.

Ó nídìí tí mo fi ń sá fún fífẹ nọ́ńbà. Mo mọ ilé iṣẹ́ kan, kì í ṣe tiwa, tó ń sọ fún onígò wọn pé 30,000, tí wọ́n á sì gbé 18,000. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ra ni, kí ìgò má bàa wọ́n àwọn. Onígò ò bá wọn jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun èlò 18,000 nígbàkígbà tí wọ́n bá ti kọ 30,000. Nígbà tí wọ́n wá nílò 30,000 lóòótọ́, ẹ ti mọ iye tó wà nílẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ńlá Cisco ní Amẹ́ríkà ní 2001. Nígbà tí ohun èlò íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n, àwọn oníbàárà ń béèrè ju ohun tí wọ́n nílò lọ, wọ́n ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Cisco sì gbé nọ́ńbà yẹn fún àwọn tó ń pèsè fún wọn. Nígbà tí ọjà rọ̀, ẹrù tí wọ́n ní láti kà sí òfò ju bílíọ̀nù dọ́là méjì lọ.

Èmi ń ṣọ́ ara mi pẹ̀lú òpó méjì nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì: iye tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, àti iye tí a gbé. Ọ̀sẹ̀ kan tó yẹ̀ kò dùn mí, ó lè ga lónìí kó sì rẹlẹ̀ lọ́la. Ohun tí mo ń wá ni bóyá ó ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní gbogbo ìgbà. Mo ń fi òpó méjèèjì ránṣẹ́ sí Àlájì náà. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé mo ń fi àléébù wa han ẹni tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kúkú ní ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́. Tí mo bá fún un ní tiwa, kò ní máa fi ojú inú gé nọ́ńbà mi mọ́. Àmì tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti ń gé e ni pé á máa pè mí lẹ́yìn tó bá ti gba ìwé, á ní, "Màdáámù, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí?" Bí ìpè yẹn bá ti pọ̀, ìwé mi ti dọ̀tí.

Ẹ̀rù kan wà tí mi ò lè sọ pé kò nídìí. Àlájì ń fẹ́ ìgò fún ẹni tó ń ta sóbò bíi tiwa. Ìfojúdíwọ̀n wa ń sọ fún ẹni tó bá rí i pé ìgbà wo ni a fẹ́ tú ọjà jáde. Ohun tí mo ń ṣe ni pé iye ìgò nìkan ló wà nínú ìwé. Kò sí orúkọ oníbàárà, kò sí adùn tuntun tí a fẹ́ gbé jáde, kò sí iye tí a fẹ́ tà á. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ní kí onígò fọwọ́ síwèé àṣírí. Fún tiwa, Àlájì fi ẹnu ṣe é, mo sì gbà, mo kàn ń fi ojú sí i.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ní ọdún 2025, ìwé kan wà lórí tábìlì mi tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa fi ránṣẹ́. Àwẹ̀ ọdún 2026 máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ tí àwẹ̀ ogójì ọjọ́ àwọn kìrìsìtẹ́nì náà máa bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, ó dùn mọ́ mi: ooru ò tíì mú dé góńgó nígbà yẹn, àwọn olómi ò ní fúngun mọ́ ẹnu ọ̀nà Àlájì bíi ti oṣù Kẹta. Ní ti ohun èlò, ó burú. Tí mo bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń fẹ́ ìgò sílẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ìdérí sẹ́yìn, ó bọ́ sí àárín oṣù Kejìlá, nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìdérí ń ṣe ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò Kérésì, tí kò rí ojú wa. Mo ti bi Àlájì bóyá a lè sanwó ìdérí nìkan láti oṣù Kọkànlá, kí a fi pirifọ́ọ̀mù sílẹ̀ di oṣù Kìíní. Wọ́n ní ìyẹn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ṣé mo dá ara mi lójú lórí sóbò tó oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọyẹ́ lè ṣì máa fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mu ohun tútù? Mi ò tíì dá wọn lóhùn.